Ta Ni Yóò Ra Gààrí Wa?

Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ yá owó. A kò dárúkọ abúlé wọn, nítorí pé àpẹẹrẹ ni a fi wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ó kà níbí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́.

1. Ìwé tí kéèsì béèrè

Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá (14) kó ara wọn jọ ní abúlé kan láàárín Pọbẹ̀ àti Kétu. Gààrí ni wọ́n ń dín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Òkúta ni wọ́n ń gbé lé àpò kí omi ẹ̀gẹ́ lè jáde. Iṣẹ́ náà ń dá wọn lágara, èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n pinnu láti yá owó ní kéèsì, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ méjì: ọ̀kan tí yóò máa rin ẹ̀gẹ́, ọ̀kan tí yóò máa fún omi rẹ̀.

Akọ̀wé kéèsì fún wọn ní ìwé kan. Ó ní: «Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ kọ ètò iṣẹ́ yín sínú ìwé yìí. Apá kìíní: kí ni ẹ ó ṣe? Apá kejì: èló ni yóò ná yín? Apá kẹta: ta ni yóò rà á? Apá kẹrin: èló ni yóò wọlé, ìgbà wo ni ẹ ó sì san owó náà tán?»

Apá kìíní kò le. Apá kejì náà kò le, wọ́n béèrè iye owó ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n dé apá kẹta, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá ẹgbẹ́ kọ̀wé kọ ọ́ báyìí:

«Gbogbo ènìyàn ni yóò ra gààrí wa, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń jẹ gààrí. Àwọn ọmọ lẹ́kọ́lù ni yóò rà á jù, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn gààrí mímu. A ó máa ta ọgọ́rùn-ún mẹ́ta (300) agolo láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì.»

Wọ́n gbé ìwé náà wá sí kíláàsì ní alẹ́. Olùkọ́ kà á sókè. Ó wá bi wọ́n léèrè:

— Ẹ̀yin ìyá, ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín?

— Há, olùkọ́! Ta ni kò mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń jẹ gààrí?

— Ó dára. Ìyá ẹgbẹ́, ìgbà wo lẹ ra gààrí kẹ́yìn?

Ìyá ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Èmi? Kí n tún máa ra gààrí? Èmi tí mò ń dín in nílé!»

Olùkọ́ bi ìkejì. Ó bi ìkẹta. Ó bi gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Kò sí ẹni tó ra gààrí láti ọdún tó kọjá. Àwọn aládùúgbò wọn náà kò rà á, nítorí pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀gẹ́ lóko.

Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ti rí i pé jíjẹ nǹkan yàtọ̀ sí ríra nǹkan. Ẹni tó ń jẹ gààrí lójoojúmọ́ lè má ná fáráńkì kan lé e lórí.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le. Orí apá kẹta ni apá kẹrin dúró lé. Bí 300 agolo bá jẹ́ àlá lásán, owó tí wọ́n kọ pé yóò wọlé kò ní wọlé. Gààrí á kún ilé. Ṣùgbọ́n gbèsè kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oṣù bá pé, kéèsì á béèrè owó rẹ̀.

Olùkọ́ ní: «Ẹ má fi ìwé yìí ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tó ń rà á ná. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.»

2. Ta ni kí a bi?

Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lọ bi àwọn ẹbí wọn tó wà ní ìlú. Olùkọ́ kọ̀. Ẹbí kì í fẹ́ bà wá nínú jẹ́. Ohun tó bá dùn mọ́ wa ni wọn yóò sọ. Ẹni tó yẹ kí a bi ni ẹni tí kò jẹ wá ní gbèsè ìfẹ́, tó sì ti fi owó ara rẹ̀ ra gààrí láìpẹ́ yìí.

Nítorí náà, wọ́n pín ìlú sí ibi mẹ́rin, wọ́n sì yan ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15):

Ìkíní, àwọn ẹlẹ́wà márùn-ún. Àwọn ni ìyá tó ń ta ẹ̀wà sísè ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń bu epo àti gààrí lé e lórí.

Ìkejì, obìnrin mẹ́rin tó ń gbé ìlú, tí kò ní oko. Aránṣọ wà nínú wọn, ìyàwó olùkọ́ ilé-ìwé náà wà nínú wọn.

Ìkẹta, ọmọ lẹ́kọ́lù mẹ́rin tó wá láti abúlé, tí wọ́n háyà yàrá sí ìlú nítorí ẹ̀kọ́ wọn.

Ìkẹrin, alájàpá méjì tó ń ra gààrí ní àpò-àpò lọ sí Kútọnu.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Kò sí èèwọ̀ nínú iye náà. Ohun tí a ń wò ni èyí: bí ẹ bá ti bi ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí iṣẹ́ wọn jọra, tí ẹni ìkẹyìn kò sì sọ ohun tuntun kan kún ti àwọn tó ṣáájú, ẹ ti gbọ́ tó ní ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn. Bí olúkúlùkù bá ṣì ń sọ ohun tuntun, ẹ tún bi àwọn mìíràn sí i.

3. Kí ni kí a bi?

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ẹ gbọ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tó jáde lọ ṣe béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́wà kan:

— Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá. Ẹ kú ọjà.

— O ṣeun, ọmọ mi. Ajé á wọlé.

— Ìyá, ẹgbẹ́ wa fẹ́ máa ta gààrí tó dára. Ṣé ẹ ó máa rà á lọ́wọ́ wa?

— Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló dé tí n kò ní rà á? Ẹ máa gbé e bọ̀.

Ó fi ayọ̀ padà sílé. Ó ní: «Wọ́n ní àwọn yóò rà á!» Ṣùgbọ́n kí ló gbọ́ gan-an? Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá àgbà kò lè kọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ lójú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni tó sọ kò ná an ní owó. Bí gààrí bá dé lọ́la, ó lè ní òun ti ra ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Nítorí náà, ẹ má béèrè ohun tí ènìyàn yóò ṣe lọ́la. Ẹ béèrè ohun tó ti ṣe. Ohun tó ti ṣe kò ṣeé fi tẹ́ni lọ́rùn, ó ti kọjá. Ẹ má sì kọ́kọ́ sọ pé ẹ ní gààrí láti tà. Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ìpolówó, ẹni tí ẹ ń bi á máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ẹnìkejì ṣe béèrè tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́wọ́ ẹlẹ́wà mìíràn:

— Ẹ kú àárọ̀, ìyá. A ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ra gààrí ní ìlú yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo lẹ rà á kẹ́yìn?

— Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ni.

— Agolo mélòó lẹ rà?

— Méjìlá. Ṣé o rí i, ẹlẹ́wà kì í ra kékeré.

— Lọ́dọ̀ ta ni?

— Obìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá ibi tí mọ́tò ń dúró. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

— Kí ló dé, ìyá?

— Gààrí rẹ̀ tutù! Mo gbé e délé, ó di ọjọ́ kẹta, ó dì mọ́ra. Mo bù ú lé ẹ̀wà, àwọn zẹ́míjàn tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi ń pariwo. Mo da agolo mẹ́ta nù.

— Kí lẹ wá ṣe?

— Mo rán ọmọ lọ ra díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó wọ́n jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbẹ, ó ń dún ṣaaṣaa lọ́wọ́.

Ẹ wò ó! Ìbéèrè náà kò ju márùn-ún lọ. Ìgbà wo? Mélòó? Lọ́dọ̀ ta ni? Kí ló dùn yín níbẹ̀? Kí lẹ wá ṣe? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń ráhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ráhùn, tó sì tún padà ra irú ọjà kan náà, kò tíì dùn ún dénú. Ẹni tó da gààrí nù, tó sì san owó tó pọ̀ jù kí ó lè rí èyí tó gbẹ, ti fi owó fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ náà dun òun.

Bí ẹ bá ti béèrè tán, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó ronú. Ẹ má bá a wá ìdáhùn. Bí ẹ bá ní: «Ṣé kì í ṣe pé ó wọ́n jù ni, ìyá?» òun náà á ní: «Bẹ́ẹ̀ni, ó wọ́n», ẹ ó sì kọ ọ̀rọ̀ ara yín sínú kàyé bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

4. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú kàyé

Ènìyàn méjì ló máa ń jáde pọ̀. Ọ̀kan á béèrè, èkejì á kọ̀wé. Ojú ìwé kan ni ti ẹnì kan. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni náà. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tó wà ni wọ́n ń kọ, kí ẹ̀rù má bà á láti sọ òtítọ́.

Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu. Bí ẹlẹ́wà bá ní: «Mo da agolo mẹ́ta nù», wọn kò kọ «gààrí rẹ̀ kò dára». Nítorí kí ni? Nítorí pé «kò dára» lè jẹ́ pé ó kan, ó lè jẹ́ pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó tutù. Ọ̀nà tí a ń gbà tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀. Gààrí tó kan jù ti pẹ́ jù nínú àpò. Èyí tó ní iyanrìn, wọn kò fọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dáadáa. Èyí tó tutù, wọn kò fún omi rẹ̀ tán, tàbí wọ́n tètè sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná.

Wọ́n tún mú agolo tiwọn dání. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé agolo ọlọ́jà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá ní òun ra agolo mẹ́wàá, wọ́n á ní kó fi agolo tirẹ̀ hàn àwọn, wọ́n á wọn ọ́n mọ́ tiwọn, kí wọ́n tó kọ iye sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń kà pọ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

5. Orí ẹní

Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà mẹ́ta, ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé. Wọ́n fà wọ́n ya kúrò nínú kàyé, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n sì tò wọ́n sórí ẹní. Àwọn tí ìdáhùn wọn jọra wà lójú kan. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n rí.

Àwọn ọmọ lẹ́kọ́lù. Àwọn yìí ni wọ́n ti kọ pé yóò rà á jù. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní láti ilé ni àwọn ti ń gbé gààrí wá, bí àwọn bá lọ kí òbí lábúlé. Ẹnì kan péré ló ra agolo kan nígbà tí tirẹ̀ tán. Òótọ́ ni pé wọ́n ń mu gààrí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ló dín in.

Àwọn alájàpá. Wọ́n ń ra púpọ̀, àpò márùn-ún, àpò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì sọ pé ẹni tó bá ta jù lọ́wọ́ pọ́ọ́kú ni àwọn ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní: «Bí ti ibí bá wọ́n, mo á kọjá lọ sí ibòmíràn.»

Àwọn obìnrin ìlú. Agolo méjì-méjì ni wọ́n ń rà. Ojú ni wọ́n fi ń yàn án: wọ́n fẹ́ èyí tó kúnná tó sì mọ́. Àwọn mẹ́ta nínú mẹ́rin ní oníbàárà kan tí wọ́n ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, wọn kò sì ní ẹ̀dùn kankan sí i.

Àwọn ẹlẹ́wà. Àwọn márààrún ló ra gààrí láàárín ọjọ́ ọjà kan sí èkejì. Ẹnì kan ra mẹ́jọ, ẹnì kan ra mẹ́wàá, àwọn méjì ra méjìlá-méjìlá, ẹnì kan tó ní ibùjókòó méjì ra méjìdínlógún (18). Bí a bá kà wọ́n pọ̀, ọgọ́ta (60) agolo ni. Mẹ́rin nínú wọn ló fi ẹnu ara wọn sọ pé gààrí tutù ti bà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mẹ́ta ló ráhùn pé agolo ọlọ́jà ń kéré sí i. Ẹnì kan péré ló kọ́kọ́ dárúkọ owó.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní: «Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká pín in sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká lè mọ iye tí oníbàárà kan ń rà.» Olùkọ́ ní rárá. Ó ní: «Bí ẹ bá da alájàpá tó ń ra àpò mẹ́wàá pọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́kọ́lù tó ra agolo kan, iye tí ẹ ó rí kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ kò lè rí ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jà.» Òkìtì kọ̀ọ̀kan ni ká máa wò lọ́tọ̀.

Wọ́n wá yan òkìtì kan. Àwọn ẹlẹ́wà ni wọ́n yàn. Ìdí mẹ́ta ni: wọ́n ń rà á ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ohun tó ń dùn wọ́n jẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ náà lè tún ṣe, wọ́n sì ti ń san owó tó pọ̀ jù nítorí rẹ̀.

6. Àwòrán oníbàárà

Nígbà náà ni wọ́n tó padà sí apá kẹta ìwé kéèsì. Wọ́n pa ti àtijọ́ rẹ́. Wọ́n kọ ti tuntun báyìí:

«Oníbàárà wa ni ẹlẹ́wà tó ń gbé ìlú, tó ń ta oúnjẹ láàárọ̀ fún àwọn zẹ́míjàn, ọmọ-iṣẹ́ àti ọmọ lẹ́kọ́lù. Kò ní oko. Fúnra rẹ̀ ló ń ra gààrí, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn márùn-ún tí a bi ń ra láti mẹ́jọ sí méjìdínlógún agolo láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì. Ó fẹ́ gààrí tó gbẹ, tí kò ní dì mọ́ra kó tó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀: mẹ́rin nínú márùn-ún ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ agolo tí kì í yí padà: mẹ́ta nínú márùn-ún ló sọ ọ́. Bí gààrí bá tutù, á fi ọlọ́jà náà sílẹ̀. A kò ka àwọn ọmọ lẹ́kọ́lù mọ́ oníbàárà wa, nítorí pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a bi ń gbé tiwọn wá láti ilé.»

Ẹ fi èyí wé ti àkọ́kọ́. Nínú ti àkọ́kọ́, kò sí gbólóhùn kan tí ẹnìkan lè lọ yẹ̀ wò. Nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí akọ̀wé kéèsì bá béèrè pé «Ta ló sọ ọ́?», ojú ìwé kàyé wà nílẹ̀ fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìlànà tó yẹ kí a dì mú nìyí: gbólóhùn tí kò bá ní ojú ìwé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa á rẹ́, tàbí kí ẹ kọ ọ́ gbangba pé èrò yín ni.

7. Kíkà wọ́n, àti títà díẹ̀ wò

Ohun kan ṣì kù. Ẹlẹ́wà márùn-ún lè sọ bí wọ́n ṣe ń ra gààrí àti ìdí tí wọ́n fi ń yí ọlọ́jà padà. Ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ iye ẹlẹ́wà tó wà ní ìlú. Ìyẹn, kíkà ni à ń kà á. Nítorí náà, méjì nínú wọn fi òwúrọ̀ méjì rìn yí ìlú po, wọ́n sì ka gbogbo ẹlẹ́wà. Wọ́n rí méjìdínlógún.

Wọn kò sọ pé gbogbo àwọn méjìdínlógún ni yóò wá sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fi sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn mẹ́fà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà bá ra agolo méjìlá, agolo méjìléláàádọ́rin (72) nìyẹn. Kì í ṣe ọgọ́rùn-ún mẹ́ta! Ìdá kan nínú mẹ́ta yìí, èrò ni, wọ́n sì kọ ọ́ pé èrò ni.

Kí wọ́n lè dán an wò, wọ́n gbé agolo mẹ́fà-mẹ́fà lọ fún ẹlẹ́wà méjì. Wọn kò fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n tà á ni. Ohun ọ̀fẹ́ kò ní ẹni tí í kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ ọjà kejì, wọ́n padà lọ. Ẹnì kan tún rà. Ẹnìkejì ní: «Ó gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kan jù fún ẹ̀wà.» Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ nínú àpò. Wọ́n dín in kù sí mẹ́ta. Wọn kò gé e kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò, àti pé rírin, fífi sílẹ̀, fífún omi rẹ̀ àti dídín in dáadáa ló ń mú un kúrò. Nígbà tí wọ́n tún gbé e lọ, ẹnìkejì náà rà á.

Ìwé wọn wá yí padà. Fún agolo méjìléláàádọ́rin, wọn kò nílò ẹ̀rọ méjì. Ẹ̀rọ kan tó ń rin ẹ̀gẹ́ wà ní abúlé kejì, tó ń gba owó lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á máa gbé ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún omi nìkan ni wọ́n yá owó fún, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí gààrí gbẹ, ohun tí ẹlẹ́wà ń wá gan-an nìyẹn. Owó tí wọ́n yá kò tó ìdajì èyí tí wọ́n fẹ́ yá tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì ra agolo kan tí wọn kò ní pààrọ̀ rẹ̀.

8. Ohun tó lè ṣi wa lọ́nà

Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta.

Ìkíní ni àsìkò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹgbẹ́ yìí béèrè ọ̀rọ̀. Bí òjò bá dé, gààrí á túbọ̀ máa tutù, iye owó rẹ̀ náà lè yí padà. Nítorí náà, wọ́n pinnu láti tún bi ẹlẹ́wà márùn-ún nígbà òjò. Àwòrán oníbàárà kò dà bí èyí tí wọ́n yà tí wọ́n fi há ara ògiri. À ń tún un yà.

Ìkejì ni ibi tí a ti béèrè. Ohun tí ẹlẹ́wà sọ ní Kétu lè má jẹ́ òótọ́ ní Sávàlú, níbi tí gààrí kíkúnná ti lókìkí. Bí ẹ bá fẹ́ ta ọjà ní ìlú mìíràn, ẹ lọ bi àwọn ará ìlú náà.

Ìkẹta ni ọkàn ara wa. Bí ènìyàn bá ti fẹ́ràn èrò kan, etí rẹ̀ á máa gbọ́ èyí tó bá èrò náà mu nìkan. Àmì rẹ̀ nìyí: bí gbogbo ojú ìwé kàyé yín bá bá ohun tí ẹ ti rò tẹ́lẹ̀ mu, tí kò sí ohun kan tó yà yín lẹ́nu, ẹ padà lọ wo ìbéèrè yín. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ní ti ẹgbẹ́ yìí, àwọn ọmọ lẹ́kọ́lù ló yà wọ́n lẹ́nu. Ìyàlẹ́nu yẹn ló gbà wọ́n lọ́wọ́ gbèsè ńlá.

Ẹ jẹ́ ká dáhùn pọ̀ ní kíláàsì

1. Kí ló dé tí àwọn ọmọ lẹ́kọ́lù ń mu gààrí púpọ̀, tí wọn kò sì jẹ́ oníbàárà ẹgbẹ́ yìí?

2. «Ṣé ẹ ó máa rà á lọ́wọ́ wa?» Kí ni àléébù ìbéèrè yìí? Ẹ yí i padà sí èyí tó dára.

3. Ẹlẹ́wà kan ní: «Gààrí yẹn kò dára.» Kí ló yẹ kí ẹ tún bi í kí ẹ tó kọ̀wé?

4. Kí ni ọjà tí ẹgbẹ́ tiyín ń ṣe? Kí ẹ tó tún pàdé, kí ẹni méjì-méjì jáde lọ bi ẹnì kan tó rà á láìpẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ojú ìwé kan bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì gbé e wá ká tò ó sórí ẹní.